Yàrá kan àti pálọ̀ lẹ fẹ́ fi háyà? Bí ẹ ṣe lè kọ ìpolówó rẹ̀ láìsí àsọdùn

"Míní-fúláàtì ńlá, kò sírú ẹ̀, iná kì í lọ, ẹ tètè pè!"

Irú ìpolówó yìí wọ́pọ̀ ní Èkó. Àmọ́ bí ẹni tó ń wá ilé bá débẹ̀, tó rí i pé pálọ̀ náà kò gba àga mẹ́rin, ṣe ni yóò yí padà. Owó ọkọ̀ rẹ̀ ti ṣòfò, onílé náà ti fi àkókò ṣòfò.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ fi ohun tí èèyàn lè wọ̀n tàbí kà rọ́pò ọ̀rọ̀ ìyìn. Ká fi yàrá kan àti pálọ̀ kan tó wà ní àjà òkè pátápátá ní Ṣómólú ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ kọ́kọ́ fi téèpù wọn yàrá láti ògiri dé ògiri. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn àti 10 ní ìbú, ẹ má pè é ní ńlá. Ẹ sọ ohun tó lè gbà: bẹ́ẹ̀dì tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó fẹ̀ ní 4½, àti kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kan. Ẹni tó ń dá gbé á mọ̀ pé ó tó òun.

Ní ti iná, ẹ kọ báǹdì tí àdúgbò náà wà. Báǹdì A yẹ kó ní iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, Báǹdì B wákàtí 16. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ará ilé léèrè iye wákàtí tí wọ́n ń rí gan-an, kí ẹ sì kọ ìyẹn náà.

Ẹ má fi àléébù pamọ́. Bí kò bá sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ tètè sọ ọ́, kí ẹni tó ní mọ́tò má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Owó náà gbọ́dọ̀ yé èèyàn. Ká ní owó ilé jẹ́ ₦800,000, àgíríìmẹ́ǹtì ₦80,000, owó éjẹ́ǹtì ₦80,000, owó ìdúró tí wọ́n máa dá padà ₦100,000. Àpapọ̀ ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ₦1,060,000. Bí ẹ bá kọ ₦800,000 nìkan, ìjà ń bọ̀ lọ́jọ́ ìsanwó.

Ìpolówó náà lè wá rí báyìí:

"Yàrá kan àti pálọ̀, Ṣómólú, àjà òkè. Ó dára fún ẹni kan tàbí tọkọtaya. Yàrá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 10, ó gba bẹ́ẹ̀dì 6 sí 4½. Fèrèsé méjì ló wà ní pálọ̀, atẹ́gùn ń wọlé, ṣùgbọ́n ooru máa ń mú lọ́sàn-án nítorí òrùlé. Ilé ìdáná kò gbà ju ẹnì kan lọ. Mítà tirẹ̀ ló ní. Báǹdì B, a sábà máa ń rí iná fún wákàtí 13. Kò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ìrìn ìṣẹ́jú 7 sí títì. Ọdún àkọ́kọ́ ₦1,060,000, lẹ́yìn náà ₦800,000."

Àwọn tó máa pè lè má pọ̀, àmọ́ àwọn tó bá wá wò ó ti mọ ohun tí wọ́n ń bọ̀ wá rí.