Nígbà tí Ẹbí Bá Fẹ́ Wá Gbé Oṣù Mẹ́fà Nínú Mínì-Fúláàtì

Ní Èkó, ìbéèrè yìí kì í sábà wá bí ìbéèrè. Ìyá ẹni ló máa pè láti ilé, á kí wa tán, á béèrè àwọn ọmọ, á wá sọ ọ́ bí ẹni ń ròyìn òjò: "Ọmọ Dádì Òṣogbo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín o. Àìtíì ló fẹ́ wá ṣe. Oṣù mẹ́fà péré ni." Ká tó ronú ohun tí a ó wí, ó ti ṣàdúrà, ó ti pa fóònù.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kọ̀. A ó gbà á, a ó wá máa fi ojú fífàro, oúnjẹ tó ń kéré sí i àti ilẹ̀kùn gbígbá kọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ títí oṣù mẹ́fà á fi pé. Lójú tèmi, kò sí ìkọ̀sílẹ̀ tó burú tó ìyẹn. Ẹni tí a sọ fún kí ó tó dìde nílé ṣì lè wá ibòmíràn lọ. Ẹni tó ti wọlé, tó ti kó aṣọ sí kọ̀rọ̀, tó wá ń gbọ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní kíṣìnnì, kò níbi tí yóò lọ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi tọkọtaya kan ní Agége ṣe àpẹẹrẹ. Pálọ̀ kan, yàrá kan, kíṣìnnì tóóró àti ilé ìwẹ̀ tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ní. Ọmọ wọn obìnrin jẹ́ ọdún 11, ọkùnrin jẹ́ ọdún 7. Pálọ̀ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó fẹ̀ ní 10. Tí a bá yọ àga, firísà àti tábìlì tẹlifísàn kúrò, ilẹ̀ tó ṣẹ́kù kò ju àyè mátírẹ́ẹ̀sì kan lọ, orí rẹ̀ ni àwọn ọmọ méjèèjì sì ń sùn. Láàárín aago márùn-ún sí mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ẹni mẹ́rin ló ń dúró de tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Ọwọ́ mẹ́ruwà ni wọ́n ti ń ra omi, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́fà lójúmọ́. Tí àgbàlagbà kan bá kún wọn, ó di mẹ́jọ.

Ọmọ Dádì Òṣogbo kì í ṣe àjèjì. Dádì Òṣogbo ni àbúrò bàbá ọkọ, òun ló sì san owó ilé-ìwé ọkọ náà fún ọdún méjì nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Nínú agboolé, irú gbèsè bẹ́ẹ̀ rọrùn láti san. Wọn á tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọmọ ẹni tó ṣe wá lóore, yóò máa jẹun káàkiri lọ́wọ́ ìyàwó ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò sì sí ẹni tí ẹrù rẹ̀ á wúwo lórí rẹ̀ ju. Ní Agége, obìnrin kan ṣoṣo ló ń se oúnjẹ náà, kò sì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà tó wà nílé kò rí èyí. Wọ́n gbọ́ "fúláàtì", wọ́n gbọ́ "Èkó", ohun tó wá sí wọn lọ́kàn ni ilé tó tóbi.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a má dáhùn lórí fóònù yẹn, kí a má sì dákẹ́ ju ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ. "Ẹ jẹ́ kí n wo bí nǹkan ṣe rí, màmá, màá pè yín lọ́jọ́ Àìkú" ti tó. Tí ó bá pé ọ̀sẹ̀ kan, ìdákẹ́jẹ́ náà ti di bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ náà ti lè sọ fún ilé-ìwé pé òun ti ríbi gbé, wọ́n sì ti ra báàgì. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn ni ọkọ àti ìyàwó máa jókòó ka mátírẹ́ẹ̀sì, ka kẹ́ẹ̀gì, kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ẹnu tí yóò kọ̀ ọ́. Ọmọ bíbí inú ẹbí náà ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló máa ń sá sẹ́yìn ìyàwó níbí: "Mi ò ní ìṣòro o, ìyàwó mi ni kò gbà." Gbólóhùn yìí máa ń gba ọkùnrin náà là lọ́jọ́ kan, ó sì máa ń ba ti obìnrin náà jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi òkú, níbi ìgbéyàwó, òun ni obìnrin tí kò jẹ́ kí ọmọ wa dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kódà tó bá jẹ́ ọkọ gan-an ni kò fẹ́. Bákan náà ni tí ẹbí ìyàwó bá ló fẹ́ wá: ìyàwó ni yóò sọ ọ́ fún àwọn èèyàn rẹ̀.

Irọ́ náà kò dára, kì í sì í ṣe torí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni nìkan. Gbogbo irọ́ ló ní oògùn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni "láńlọ́ọ̀dù kò gbà." Òótọ́ ni pé ìwé àdéhùn ilé sábà máa ń sọ pé ayálégbé kò gbọ́dọ̀ gbé ilé fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ, ṣùgbọ́n àbúrò tó wá gbé lọ́dọ̀ ẹni kì í ṣe ayálégbé, àwọn àgbà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Dádì Òṣogbo á ní kí a fún òun ní nọ́ńbà láńlọ́ọ̀dù kí òun bẹ̀ ẹ́. Láńlọ́ọ̀dù á ní, "Èmi? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o!" Ilẹ̀ tí kò sí nínú pálọ̀ kò ní ẹni tí wọ́n lè lọ bẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ìdí kan tún wà tí ọ̀pọ̀ òbí ní lọ́kàn tí wọn kì í sọ: ọ̀dọ́kùnrin tó ti dàgbà yóò máa sùn nínú pálọ̀ kan náà pẹ̀lú ọmọbìnrin ọdún 11. Ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Àmọ́ tí a bá sọ ọ́ lórí fóònù, ohun tí bàbá ọmọ máa gbọ́ ni pé a pe ọmọ òun ní oníwàkiwà. Ẹ pa á mọ́ inú. Àìsí àyè nìkan ti tó ìdí.

Nígbà tí ọkọ bá máa pè, kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni yóò rán. Ìyá ni yóò kọ́kọ́ sọ fún, kí ó má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, yóò wá pe Dádì Òṣogbo fúnra rẹ̀, ní alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ. Oore àtijọ́ ni kó kọ́kọ́ mẹ́nu bà, torí pé tí kò bá sọ ọ́, Dádì á sọ ọ́, á sì dun òun tó sọ ọ́ àti ẹni tó gbọ́ ọ. "Ẹ kú alẹ́ sà. Màmá ti sọ ọ̀rọ̀ àbúrò mi fún mi. Ẹ̀yin lẹ rán mi níwèé, mi ò gbàgbé rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n kò sí àyè tó lè gbé oṣù mẹ́fà nílé wa, sà. Orí ilẹ̀ pálọ̀ làwọn ọmọ ń sùn. Ohun tí mo lè ṣe ni mo fẹ́ bá yín sọ."

Dádì á ní, "Ọkùnrin ni, á sùn níbikíbi." Èsì rẹ̀ kò ju pé "Mo mọ̀, sà. Kò sí ibi náà ni." Ẹ má fi àlàyé tuntun kún un. Gbogbo àlàyé tuntun ló ń ṣí ilẹ̀kùn àríyànjiyàn tuntun: tí ẹ bá mẹ́nu ba omi, á ní òun á máa fi owó omi ránṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń rọ̀ ni ohun tí a lè ṣe, àìtíì sì fàyè gba nǹkan púpọ̀. Ọdún 1973 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ àjọ ìjọba àpapọ̀ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971 fún kíkọ́ni níṣẹ́. Oṣù mẹ́fà ni ti yunifásítì, oṣù mẹ́rin ni ti pólì. Nígbà púpọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé lẹ́tà ilé-ìwé káàkiri láti wá ilé-iṣẹ́ tó máa gbà á. Nítorí náà, tí kò bá tíì rí, kò pọn dandan kó jẹ́ Èkó. Ilé-iṣẹ́ wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Òṣogbo gan-an, ẹ̀gbọ́n tó ń ṣiṣẹ́ lè bá a béèrè lọ́wọ́ àwọn ojúlùmọ̀. Tó bá sì ti rí ibì kan ní Ìkejà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àìtíì máa ń dara pọ̀ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin gba yàrá kan. Ẹ̀gbọ́n lè bá a wo yàrá náà, kó rí láńlọ́ọ̀dù, kó sì san ìpín tirẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Oúnjẹ ọjọ́ Àìkú wà nílé ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣèlérí èyí tí apá yín ká nìkan. Ẹni tó kọ àyè, tí kò tún san owó tó ṣèlérí, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀.

Mi ò fara mọ́ "kó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì ná" àyàfi tí yàrá tó ń lọ bá ti wà nílẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀. Láìsí yàrá, ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni oṣù mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ sì yàtọ̀ pátápátá fún ẹni tó ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn tàbí tó sá fún ewu. Ti irú wọn, a ó sún mátírẹ́ẹ̀sì.

Ìyá á bínú. Ó lè ní a ti dójú ti òun, ó lè má pè fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ máa pè é bí ẹ ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì máa fi ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ránṣẹ́. Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ̀ pé ara Dádì ti rọ̀ ni pé á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ yín níṣẹ́: ẹ bá mi ra báyìí, ẹ bá mi wo báyìí.

Nígbà mìíràn, wọ́n á kàn rán ọmọ náà wá. Ẹ gbọ́ pé ó ti wà ní Bẹ́gà pẹ̀lú báàgì méjì. Kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ má fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ lọ mú un, kó jẹun, kó sùn sórí àga. Kí ó tó sùn, ẹ pe bàbá rẹ̀: "Ó ti dé láyọ̀, sà. Lọ́la, èmi àtòun máa lọ wo yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo sọ fún yín. Èmi ni màá san ti oṣù àkọ́kọ́." Kí ẹ sì lọ lọ́la náà, kódà tó bá gba kí ẹ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, torí pé tó bá ti di ọ̀tunla, aṣọ rẹ̀ á ti wà lórí okùn lẹ́yìn kíṣìnnì.