Kí Dòdò Má Baà Mu Òróró

Nílé, ìyá mi ló ń dín dòdò. Èmi kàn ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Nígbà tí mo dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, mo dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin fún àwa mẹ́ta tí a jọ wà ní yàrá. Ọ̀kan nínú wọn mú ẹyọ kan sókè, òróró ń kán lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká jẹ ẹ́ ni àbí ká fún un?"

Ohun tí mo ṣe ni pé mo da gbogbo rẹ̀ sínú òróró tí kò tíì gbóná. Omi wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí ó bá kan òróró gbígbóná, omi náà á máa hó jáde. Òun ló ń ṣe ìfófòó tí à ń rí yí dòdò ká. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń tú jáde bẹ́ẹ̀, òróró kò ráyè wọlé. Bí òróró bá tutù, tàbí tí a kó dòdò kún páànù tí ooru rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìfófòó náà kò ní lágbára. Dòdò á pẹ́ nínú òróró kó tó pọ́n, á sì mu ún yó.

(Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, ẹ wo "pọ́n" yẹn: ọ̀gẹ̀dẹ̀ á pọ́n lẹ́ẹ̀kan kí á tó bó o, á tún pọ́n nínú òróró.)

Pípọ́n àkọ́kọ́ ló ń pinnu èkejì. Èyí tí mo ń rà ni èyí tí àmì dúdú ti ń jáde lára èèpo rẹ̀, tó sì rọ̀ díẹ̀ bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Bí èèpo bá ti dúdú tán, ṣúgà ti pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì tètè jó. Irú ìyẹn dára fún dòdò Ìkirè, tí wọ́n ń pò mọ́ ata, tí wọ́n sì ń fi epo pupa dín.

Mo máa ń ju ẹyọ kékeré kan sínú òróró ná. Bí ó bá rì tó dákẹ́, kò tíì yá. Bí ó bá ń hó ṣàà lójú ẹsẹ̀, ó tó. Bí òróró bá ti ń rú èéfín, mo máa ń gbé e kúrò lórí iná kó rọlẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó ń fi iyọ̀ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, torí iyọ̀ máa ń fa omi jáde lára rẹ̀. Bí etí rẹ̀ bá ti pupa, mo máa ń yí i padà lẹ́ẹ̀kan péré.

Bí dòdò bá sì jáde, kò tíì parí. Bó ṣe ń tutù ni òróró tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ń wọlé, nítorí náà inú ajere ni mo ń kó o sí lójú ẹsẹ̀, n kì í dé e.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin náà ni mo tún dín. Ẹyọ ogójì ló jáde, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo sì dín in, mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ẹni tó bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí kò bèèrè nǹkan kan. Abọ́ ló nà sí mi.