Kí A Tó Fi Owó Kún Ọjà Tó Ń Jèrè

Ní ọdún 1983, oníṣòwò kan ní Ṣikágò tó ń jẹ́ Richard Dennis bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Eckhardt jiyàn. Dennis ní èèyàn lè kọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọjà títí yóò fi di ọ̀jáfáfá. Eckhardt ní kò rí bẹ́ẹ̀. Dennis bá ṣa àwọn kan jọ, ó kọ́ wọn, ó sì kó owó fún wọn kí wọ́n máa fi ṣòwò. Àwọn Ìjàpá ni wọ́n ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Lára òfin tó fún wọn ni pé bí ohun tí wọ́n rà bá ń gbówó lórí, kí wọ́n rà sí i; bí ó bá ń já wálẹ̀, kí wọ́n má fi kọ́bọ̀ kún un.

Pírámíìdì ni àwọn oníṣòwò ń pe irú àfikún bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe kọ́ nìyẹn: ìpín tí wọ́n rà ní ₦50 já sí ₦40, wọ́n tún rà á nítorí pé ó ti dínwó. Àmọ́ pé ọjà ń gòkè nìkan kò tó láti fún wa láṣẹ àfikún. Ìbéèrè tó ṣe kókó ni pé, bí ọjà bá yí padà, èló ni gbogbo ohun tí mo rà yóò gbà lọ́wọ́ mi?

Ká ní ẹnì kan ní ₦1,000,000, kò sì fẹ́ kí ìdókòwò kan ṣoṣo mú ju ₦20,000 lọ nínú rẹ̀. Ó ra ìpín ilé-iṣẹ́ kan ní ₦50, ó sì fi ààlà sí ₦46: bó bá já débẹ̀, yóò tà. Náírà mẹ́rin ni yóò pàdánù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìpín 5,000 ló lè rà.

Ìpín náà gun ₦54. Kó tó rà sí i, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ààlà rẹ̀ sókè sí ₦50. Bí ó bá ta àwọn ti àkọ́kọ́ níbẹ̀, owó rẹ̀ pé. Nígbà náà ló tó ra 5,000 mìíràn ní ₦54. ₦20,000 náà ni gbogbo ewu rẹ̀ ṣì jẹ́. Nígbà tó di ₦58, ó gbé ààlà sí ₦54, ó ra 5,000 ẹ̀ẹ̀kẹta. Èrè ₦20,000 ti wà lórí ti àkọ́kọ́, ti ẹ̀ẹ̀kejì kò jèrè kò pàdánù, ti ẹ̀ẹ̀kẹta ló lè pàdánù ₦20,000. Ìpín 15,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, síbẹ̀ bí ó bá tà ní ₦54, owó tó fi rà á ni yóò gbà padà.

Ká wá ní ó rà lẹ́ẹ̀mẹ́ta bẹ́ẹ̀ láìgbé ààlà kúrò ní ₦46. Àdánù rẹ̀ níbẹ̀ yóò di ₦120,000, ìlọ́po mẹ́fà ohun tó fọwọ́ sí. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé gbígbé ààlà sókè gbọ́dọ̀ ṣíwájú ríra. Àwọn Ìjàpá pàápàá kò ká ewu tiwọn mọ́ ojú kan. Lóòótọ́, wọ́n ń gbé ààlà sókè bí wọ́n ti ń rà á, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ wọn kéré sí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín iye ọjà àti ààlà. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí ìdá 2 nínú 100 owó wọn ń di ìdá 5 nígbà tí wọ́n bá ti rà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà á; ẹni tó bá wo òfin wọn kọ náà ní láti mọ̀ ọ́n.

Ààlà tó bá sún mọ́ iye ọjà jù tún ní wàhálà tirẹ̀. Àwọn Ìjàpá máa ń wo bí ọjà ṣe ń lọ sókè sódò lóòjọ́ fún 20 ọjọ́, wọ́n á sì fi ààlà sí ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí ìpín wa bá máa ń rìn tó ₦3 lóòjọ́, ₦6 ló yẹ kí àyè náà jẹ́, kì í ṣe ₦4. Ìpín tí a lè fi ₦20,000 náà rà yóò dín sí nǹkan bí 3,300, a ó sì dúró títí di ₦56 kí a tó rà sí i.

Ohun tí ìṣirò yìí kò lè dí ni ọjà tí kò rí olùrà. Ní ọjà ìpín Èkó, ìpín kan kò gbọ́dọ̀ já ju ìdá 10 nínú 100 lọ lóòjọ́. Bí ìròyìn burúkú bá dé nígbà tí tiwa wà ní ₦58, ó lè já sí ₦52.20 lọ́jọ́ kan àti ₦46.98 lọ́jọ́ kejì, kí gbogbo èèyàn máa tà, kí ẹnikẹ́ni má rà. Ààlà ₦54 kò ní ríṣẹ́ ṣe. Bí a bá rí i tà ní ₦46.98, ìpín 15,000 yóò jẹ wá ní ₦105,300. Ká ní 5,000 àkọ́kọ́ nìkan la ní, ₦15,100 ni. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi kún un ní láti wo iye ìpín ilé-iṣẹ́ náà tí wọ́n ń tà lóòjọ́. Bí 15,000 tirẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ohun tí wọ́n ń tà, kó dúró sórí 5,000 àkọ́kọ́.