Ojú Ìwé Méjì Lórí Fóònù Kan

Ìwé àlọ́ kan tí ìyá mi fẹ́ràn ti gbó débi pé òwú tí wọ́n fi rán ìdí rẹ̀ ti ń já. Mo gbé e lọ fún ọmọkùnrin tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ládùúgbò wa pé kó bá mi ṣe síkáànù rẹ̀. Ó la ìwé náà sílẹ̀ gbagada, ó ń ya ojú ìwé méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kíṣẹ́ lè tètè parí. Mo fi fáìlì PDF rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù màmá. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n tún wọ̀ ọ́ padà. “Ṣé èèrà lo kó sínú rẹ̀ ni?”

Wọn ò jayò pa. Ojú ìwé kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 13, méjì pọ̀ jẹ́ 26. Fóònù tí a gbé dúró kì í fẹ̀ ju nǹkan bíi 7 lọ. Lẹ́tà kan á wá kéré débi pé kò ní ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin bó ṣe tóbi nínú ìwé. Tí a bá la ojú ìwé méjèèjì níyà, yóò tó ìdajì, ìyẹn sì ṣeé kà.

Lílà á kò le. Ohun èlò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ mutool wà tí a lè fi sórí kọ̀ǹpútà. Tí a bá ní kó pín ìbú ojú ìwé sí 2, yóò gbé apá òsì síwájú, apá ọ̀tún á tẹ̀ lé e. Kì í gé nǹkan kan sọnù. Ńṣe ló ń bo ìdajì àwòrán kan náà mọ́lẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí fáìlì náà kò fi wúwo sí i.

Èèpo ìwé ló kọ́kọ́ dá mi láàmú. Síkáànù 63 ni ọmọkùnrin yẹn ṣe. Èkíní jẹ́ èèpo iwájú nìkan, ìkẹtàlélọ́gọ́ta jẹ́ èèpo ẹ̀yìn nìkan, mutool sì là wọ́n sí méjì bíi tàwọn yòókù. Mo wá fi qpdf yọ èèpo méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo la inú ìwé nìkan, mo sì dá wọn padà sáyè wọn:

```
qpdf iwe.pdf --pages . 2-62 -- inu.pdf
mutool poster -x 2 inu.pdf inu2.pdf
qpdf --empty --pages iwe.pdf 1 inu2.pdf 1-z iwe.pdf 63 -- foonu.pdf
```

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó tò? Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí fóònù, èèpo iwájú ni 1, inú èèpo ni 2, ojú ìwé kìíní wá di 3. Nípa bẹ́ẹ̀, ojú ìwé 57 gbọ́dọ̀ wà ní 59, ojú ìwé 120 tó gbẹ̀yìn á wà ní 122. Mo ṣí 59, ojú ìwé 58 ni mo bá níbẹ̀. Ó fò kan ni? Tí ìwé bá ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, méjì-méjì ni síkáànù tó fò máa ń mú lọ, nítorí náà kì í ṣe pé ó fò. Èmi ni mo ti yọ inú èèpo iwájú dànù, tí mo rò pé òfìfo ni.

Ìṣòro kejì kò hàn nínú nọ́ńbà. Tí ìwé bá yẹ̀ díẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ibi tí wọ́n ti rán an kò ní bọ́ sí àárín gbùngbùn mọ́, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ìlà á sì ré sí ojú ìwé kejì. Etí inú ni kẹ́ ẹ máa wò. Scan Tailor ló dára fún irú èyí: àwòrán ló ń gbà, kì í ṣe PDF, ó ń fa ìlà sí àárín síkáànù kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè fọwọ́ sún ìlà náà.

Nígbà tí Álífà tó múlé tì wá gbọ́, wọ́n gbé fáìlì ìwé kéwú tiwọn wá. Mo là á bí mo ṣe la ti màmá. Wọ́n kà á díẹ̀, wọ́n ní, “Ìwé yìí ń ta kókó.” Ojú ìwé 3 ló ṣáájú 2, 5 ṣáájú 4. Ọ̀tún ni kéwú ti ń bẹ̀rẹ̀, apá ọ̀tún ló yẹ kó ṣáájú. Ẹ fi -r kún un:

```
mutool poster -x 2 -r kewu.pdf kewu-foonu.pdf
```

Ṣùgbọ́n tí ẹni tó ṣe síkáànù bá ti òpin ìwé kéwú bẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń ṣí ìwé òyìnbó, ẹ má lo -r rárá. Ẹ là á lásán, gbogbo rẹ̀ á máa padà sẹ́yìn láìfò, 119, 118, 117. Kẹ́ ẹ wá yí i po:

```
qpdf kewu2.pdf --pages . z-1 -- kewu-foonu.pdf
```

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́. Nínú ìwé màmá, àwòrán ìjàpá kan wà tó na ara rẹ̀ lé ojú ìwé méjì. Ní báyìí, orí rẹ̀ wà ní 76, ìrù rẹ̀ wà ní 77.