Lẹ́tà ọmọ Kétu sí yunifásítì Ṣáínà: ibo ni ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀?

Bàbá kan láti Kétu mú ọmọ rẹ̀ wá bá wa nílé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ láìpẹ́ yìí. Ọmọ náà ti gba lísáǹsì nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó ti kọ́ èdè Ṣáínà fún ọdún mẹ́ta, ó sì fẹ́ lọ ṣe másítà níbẹ̀, ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ nípa bí a ṣe ń ṣe oúnjẹ tí kì í fi í bàjẹ́. Èdè Ṣáínà ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ẹ̀ka náà, nítorí náà èdè yẹn ló gbọ́dọ̀ fi kọ lẹ́tà tó máa fi béèrè àyè.

Lẹ́tà méjì ló wà lọ́wọ́ wọn. Àkọ́kọ́ gùn tó ojú ewé méjì, ọmọ fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Ìkejì ò ju ojú ewé kan lọ, lẹ́yìn tí olùkọ́ rẹ̀ ti là á já tó sì ní kó tún un kọ. Èyí tó kúrú yìí ni bàbá ò fẹ́. Ó ní: «Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọmọ tó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ṣé bó ṣe máa sọ̀rọ̀ gé báyìí nìyí? Wọ́n á ní a ò kọ́ ọ nílé.»

Ìbéèrè bàbá yìí dára, torí ọ̀pọ̀ òbí ló máa bi í. Ẹnì kan nínú wa ti kẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣáínà, a sì jọ jókòó ti lẹ́tà méjèèjì. Ohun tí a rí níbẹ̀ la fẹ́ ṣàlàyé fún yín.

Lẹ́tà Faransé tó wọ aṣọ Ṣáínà

Ọmọ náà kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ bí a ṣe kọ́ gbogbo wa nílé ẹ̀kọ́ ní Bẹ̀nẹ̀. Ó kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sókè lápá òsì. Ó kọ «Kétu» àti ọjọ́ sókè lápá ọ̀tún. Ó kọ ìlà kan tó sọ ohun tí lẹ́tà wà fún. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ lédè Faransé, èyí tó sọ pé òun ní ọlá láti wá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá síwájú àánú wọn gíga, láti wá bẹ̀bẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo gba ìlà márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ yẹn dára nínú lẹ́tà tó ń lọ sọ́dọ̀ olórí iléeṣẹ́ ìjọba nílé wa. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé e sínú èdè Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, ẹni tó ń kà á á rí àwọn ọ̀rọ̀ náà, kò sì ní mọ ohun tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀. Á máa wá ibi tí ọmọ ti sọ ohun tó fẹ́ kọ́. Ọjọ́ tó wà lókè náà á dà bí ẹni tó fi bàtà sórí tábìlì: bàtà kọ́ ló burú, ibi tó wà ni.

Lẹ́tà Ṣáínà ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀, ó sì pọ̀. Àwọn ibi kan pàtó ni wọ́n ń kó o sí: ojú ìlà àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, orúkọ tí a fi ń pe ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti ìparí. Àárín lẹ́tà, ọ̀rọ̀ gidi ló ń fẹ́.

Bí lẹ́tà náà ṣe rí

Ẹ wo egungun lẹ́tà kejì. Ibi tí ẹ bá ti rí tótòtó, orúkọ ọmọ ló máa wà níbẹ̀.

```
尊敬的招生办公室老师:
  您好!
  我叫……,来自贝宁,申请攻读贵校食品科学专业硕士学位。
  此致
敬礼!
                    申请人:……
                    2025年3月10日
```

Ìlà àkọ́kọ́ kò fi àyè sílẹ̀ níwájú. Ó ń sọ pé: «Ẹ̀yin olùkọ́ ẹni ọ̀wọ̀ ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé». Ẹ ṣàkíyèsí pé «olùkọ́» ló pè wọ́n, 老师. Ní yunifásítì Ṣáínà, ẹni tó ń gba ìwé ní ọ́fíìsì náà ni a ń pè ní olùkọ́, bí kò tilẹ̀ kọ́ni rí. Ọ̀wọ̀ ni. Àmì ìdúró olójú méjì ló sì parí ìlà náà.

Ìlà kejì ni ìkíni, 您好. Níbí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà. Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ ni 你好, ìkíni ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ọmọ wa kọ 你 níbi mọ́kànlá. A sọ fún bàbá pé ohun tí ọmọ rẹ̀ ṣe níbẹ̀ ni pé ó pe àgbà ní «ìwọ» lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Bàbá ké: «Háà!» Ó ti yé e. Yorùbá ní «o» àti «ẹ», Ṣáínà náà ní 你 àti 您. Lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kan ṣoṣo ló yà wọ́n: tí ẹ bá tẹ `ni`, 你 ló máa jáde, tí ẹ bá tẹ `nin`, 您 ló máa jáde. Ẹni tí kò gbọ́ èdè náà rárá lè fi ojú mọ̀ ọ́n: 您 ni 你 tí wọ́n fi àmì 心 sí lábẹ́, 心 sì túmọ̀ sí ọkàn.

Ìlà kẹta sọ orúkọ ọmọ, ó ní ó wá láti Bẹ̀nẹ̀, ó sì sọ ẹ̀ka tó ń béèrè fún másítà rẹ̀. Tán. Gbólóhùn kan yìí ló rọ́pò ìlà márùn-ún àkọ́kọ́. Ọ̀wọ̀ sì wà nínú rẹ̀, torí kò kọ «ilé ẹ̀kọ́ yín» lásán. 贵校 ló kọ. Ọ̀rọ̀ 贵 yìí kan náà ni wọ́n ń lò lọ́jà tí nǹkan bá wọ́n. Tó bá wà níwájú ilé ẹ̀kọ́, ó di «ilé ẹ̀kọ́ yín iyebíye».

Ìparí wá. 此致 fi àyè àmì méjì sílẹ̀, ó sì túmọ̀ sí «èyí ni mo fi ránṣẹ́ sí yín». 敬礼, ìyẹn «mo júbà», bọ́ sí ìlà tirẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ etí òsì pátápátá, láìfi àyè kankan sílẹ̀. Àwọn àgbà Ṣáínà ayé àtijọ́ kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó bọlá fún ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí wà láàárín ìlà. Wọ́n á gbé e lọ sí orí ìlà tuntun. Àṣà yẹn ló kù sínú ìparí yìí. A sọ fún bàbá pé: «Ibẹ̀ ni ọmọ yín ti dọ̀bálẹ̀.» Tó bá tò ó mọ́ àárín ìlà, ìdọ̀bálẹ̀ náà ò tọ́.

Orúkọ àti ọjọ́ wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ọdún ló ń ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ ló kẹ́yìn.

Ibi tí ìka ti ń tàn wá

Kọ̀ǹpútà lè ba lẹ́tà tó dáa jẹ́. Tí ọmọ bá tẹ `jingli`, ọ̀rọ̀ tó máa yọ lójú ẹ̀rọ kì í ṣe ẹyọ kan: 敬礼 wà níbẹ̀, 经理 tó jẹ́ ọ̀gá iléeṣẹ́ wà níbẹ̀, 经历 tó jẹ́ ìrírí náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń kánjú á mú èyí tó kọ́kọ́ yọ. Nígbà náà lẹ́tà rẹ̀ á parí pẹ̀lú «ọ̀gá iléeṣẹ́» dípò «mo júbà». Kí ó ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ránṣẹ́.

Ẹ wo àmì ìdúró náà. Ti Ṣáínà jẹ́ òbìrí kékeré tó ní ihò, 。, kì í ṣe tótó dúdú bíi tiwa. Tí tótó tiwa bá fọ́n káàkiri inú lẹ́tà, ẹni tó ń kà á á mọ̀ pé ibòmíràn ni wọ́n ti dà á síbẹ̀.

Kí ló yẹ kó wà láàárín?

Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ọmọ náà lo odindi ìpínrọ̀ kan láti yin Ṣáínà: ó tóbi, ìtàn rẹ̀ ti pẹ́, ọrọ̀ ajé rẹ̀ ń dàgbà. Àwọn tó ń ka lẹ́tà náà ti mọ ìyẹn ṣáájú rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ fa ìlà sí gbogbo ẹ̀, ó bi í pé: «Kí ni o ṣe fún lísáǹsì rẹ?»

Gàrí ló ṣe. Ìyá rẹ̀ ń yan gàrí tà. Lásìkò òjò, gàrí tí kò gbẹ dáadáa máa ń bu lápò, owó á sì wọlẹ̀. Ìlànà oúnjẹ àgbáyé sọ pé ọ̀rinrin inú gàrí kò gbọdọ̀ ju 12 nínú 100 lọ. Ọmọ náà wọn gàrí àwọn obìnrin àdúgbò rẹ̀ ní oṣù ẹ̀ẹ̀rùn àti ní oṣù òjò, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé àṣekágbá rẹ̀. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, kò sí gàrí rárá. Ó ní ojú ń ti òun.

Ìṣòro kan wà: èdè Ṣáínà kò ní orúkọ fún gàrí. Wọ́n mọ ẹ̀gẹ́, 木薯 ni wọ́n ń pè é. Tó bá kọ «ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́» lásán, wọ́n á rò pé èlùbọ́ ni. Torí náà ló fi gbólóhùn kan ṣàlàyé: ẹ̀gẹ́ tí a rin, tí a jẹ́ kó kan, tí a fún omi rẹ̀, tí a sì yan lórí iná. Ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e sọ ohun tó fẹ́ kọ́, ìyẹn bí a ṣe ń gbẹ oúnjẹ lásìkò òjò, àti ohun tó fẹ́ fi ṣe tó bá padà dé Kétu. Ìpínrọ̀ mẹ́ta péré ló gba gbogbo rẹ̀.

Ohun tí lẹ́tà ò lè ṣe

Lẹ́tà nìkan kì í ṣílẹ̀kùn. Orúkọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti pásípọ́ọ̀ mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Orúkọ Ṣáínà tí wọ́n fún un ní kíláàsì kò lè rọ́pò rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tó wà lédè Faransé, wọn ò ní gbà á bẹ́ẹ̀: ẹni tí òfin mọ̀ gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Ṣáínà tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn sì ń gba àkókò àti owó. Ó tún nílò èsì ìdánwò èdè tí wọ́n ń pè ní HSK. Ipele kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè.

Èyí ló sì fà á tí a ò fi bá ọmọ náà kọ lẹ́tà. Wọ́n lè pè é lórí fídíò kí wọ́n tó gbà á. Bí lẹ́tà bá sọ̀rọ̀ bí ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ẹnu ọmọ sì ń tàsé, wọ́n á mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Olùkọ́ lè fa ìlà sábẹ́ àṣìṣe, ọmọ ni kó tún un ṣe.

Kí wọ́n tó lọ, a ní kí ọmọ ka lẹ́tà kúkúrú náà fún bàbá rẹ̀ sókè, kó sì máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń lọ. Nígbà tó dé ibi gàrí, bàbá da ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: «Ṣé o sọ fún wọn pé ìyá rẹ ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń yan án?» Kò sí níbẹ̀. Ọmọ náà mú bírò, ó fi kún un.