Fáìlì Wo Ló Wà Nínú Ẹ̀rọ Tí A Ń Tà?

Ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ẹnjiníà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ lè bá fáìlì mẹ́rin pàdé nínú fódà kan ṣoṣo, kí orúkọ wọn rí báyìí:

```
controller_final.kicad_pcb
controller_final2.kicad_pcb
controller_final_new.kicad_pcb
controller_USE_THIS.kicad_pcb
```

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣeé ṣí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì jọra. Ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n fi ṣe bọ́ọ̀dù tó wà nínú ẹ̀rọ tó ń lọ sọ́jà lọ́wọ́lọ́wọ́. Èwo ni? Orúkọ wọn kò sọ ọ́. Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì kò ṣeé gbára lé, nítorí ẹni tó bá kàn ṣí i wò tó sì tún un fi pamọ́ ti yí ọjọ́ náà padà. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ìdáhùn ti di ẹrù rẹ̀, ó ti lọ.

Iṣẹ́ ìwé ìfaṣẹ́lélọ́wọ́ ni láti dáhùn ìbéèrè yẹn kí ẹni tó mọ ìdí iṣẹ́ tó jáde. Ọ̀pọ̀ ẹnjiníà máa ń kọ ọ́ bí ẹni ń ka ẹrù ilé: fódà báyìí ló wà níbí, fódà báyìí ló wà lọ́hùn-ún. Èyí kò wúlò púpọ̀, torí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí kọ̀ǹpútà náà yóò fojú ara rẹ̀ rí àwọn fódà. Ohun tí kò lè fojú rí ni èyí tó ṣeé fọkàn tán nínú wọn, èyí tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, àti fáìlì tó bá èkejì mu.

Ẹ jẹ́ ká fi kọ́ntírólà iná oòrùn ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn àpótí kékeré tó máa ń wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé àti bátìrì, tó ń wo iye fólítì tó wà nínú bátìrì kó lè mọ ìgbà tí yóò dá gbígba iná dúró. Ká sọ pé orúkọ rẹ̀ ni CC20. Fódà rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

```
CC20/
  00_README.txt
  10_design/
  20_release/
  90_archive/
```

Iwájú orúkọ ni wọ́n fi nọ́ńbà sí kí ètò wọn má bàa dàrú, kí ìwé ìfaṣẹ́lélọ́wọ́ fúnra rẹ̀ sì máa wà lókè pátápátá. Inú `10_design` ni iṣẹ́ ti ń lọ. Àwòrán tó wà níbẹ̀ lónìí lè yàtọ̀ lọ́la, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ mú nǹkan níbẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀dù. `20_release` ni ti ọjà. Gbàrà tí fáìlì bá ti wọ ibẹ̀, wọ́n á tì í pa kó jẹ́ kíkà nìkan. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, wọn kò ní tún un ṣe lójú ibẹ̀. Ẹ̀dà tuntun ni wọ́n máa gbé jáde. `90_archive` ni fódà àwọn ẹ̀dà tí wọn ò ṣe mọ́. Ó máa ń wu ẹni tuntun láti pa wọ́n rẹ́ kí àyè lè gbà á, àmọ́ àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ẹ̀dà wọ̀nyẹn ṣe ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn oníbàárà, ọjọ́ tí ọ̀kan bá sì padà wá fún àtúnṣe ni wọ́n máa wá a.

Nǹkan kan wà nínú `20_release` tí àwọn èèyàn kì í fiyè sí. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bọ́ọ̀dù kì í ka àwòrán ẹnjiníà gan-an. Fáìlì tí wọ́n ń pè ní Gẹ́bà ni wọ́n ń kà, ìpele bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Wọ́n lè fa Gẹ́bà tuntun yọ láti inú àwòrán nígbàkígbà, èyí ló ń mú kí àwọn kan rò pé kò sídìí láti tọ́jú ti àtijọ́. Ìdí wà. Bí ẹni tuntun bá fi KiCad tó jẹ́ tuntun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ṣí àwòrán náà, ohun tó máa fà yọ lè má bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba délẹ̀délẹ̀, bó bá sì ti fi í pamọ́ pẹ̀lú KiCad tuntun yẹn, ti àtijọ́ kò ní lè ṣí i mọ́. Nítorí náà, ojúlówó fáìlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ni kí wọ́n tọ́jú, kí ìwé náà sì dárúkọ KiCad tí wọ́n fi ṣe é àti nọ́ńbà rẹ̀.

Ó wá kan orúkọ fáìlì. Méjì rèé:

```
CC20-PCB-001_RevC_gerber.zip
CC20-FW_v2.1.0.hex
```

Ti òkè jẹ́ ti bọ́ọ̀dù: orúkọ ọjà, irú ohun tó jẹ́, nọ́ńbà rẹ̀, lẹ́yìn náà lẹ́tà tó ń sọ ẹ̀dà. Ti ìsàlẹ̀ jẹ́ sọ́fíwià tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ náà. Lẹ́tà ni wọ́n ń lò fún bọ́ọ̀dù, nọ́ńbà fún sọ́fíwià, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọ̀kan pe èkejì lórí fóònù. Ìlànà ASME ti Amẹ́ríkà fún yíya iṣẹ́ ẹnjiníà kò tilẹ̀ gba gbogbo lẹ́tà: ó yọ I, O, Q, S, X àti Z kúrò, torí I lè dà bí 1 lójú ẹni tó ń kà á, kí O sì dà bí òdo. Kò sí àlàfo láàárín orúkọ. Bí ọjọ́ bá máa wọ inú orúkọ, ọdún ló ń ṣáájú, bíi 2024-03-07, kí àwọn fáìlì lè to ara wọn bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Lẹ́tà ńlá àti kékeré kò sì ṣeé fi ṣeré: `RevC` àti `revc` jẹ́ fáìlì kan náà lójú Windows, wọ́n di méjì lójú Linux.

Gbogbo èyí ṣì lè tọ́ kí ẹ̀rọ bàjẹ́. Ìdí ni pé orúkọ ń sọ ohun tí fáìlì jẹ́, kò sọ èyí tó bá a rìn. Ojú ewé tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwé ìfaṣẹ́lélọ́wọ́ ni èyí tó kéré jù:

```
Board   Firmware
RevA    v1.0.0
RevB    v1.1.0 - v1.4.2
RevC    v2.0.0 +
```

Ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn ìlà méjì ìsàlẹ̀ yẹn. Ṣíìpù inú CC20 kò lè gbà ju fólítì 3.3 lọ lójú ihò tó fi ń wọn iná, bátìrì sì ní fólítì 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, rẹsísítọ̀ méjì ló ń pín iná náà kù kó tó dé ọ̀dọ̀ ṣíìpù. Lórí RevB, ọ̀kan jẹ́ kílóóòmù 100, èkejì jẹ́ 22. Pẹ̀lú méjèèjì yìí, sọ́fíwià gbọ́dọ̀ sọ ohun tó bá rí di ìlọ́po 5.545 kó tó mọ iye tó wà nínú bátìrì gan-an. Nígbà tó yá, àwọn oníbàárà ní àwọn fẹ́ lo bátìrì fólítì 24. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gòkè dé 28.8 nígbà tó bá ń gba iná, RevB á sì gbé fólítì márùn-ún ó lé díẹ̀ lọ bá ṣíìpù tí kò lè gbà ju 3.3 lọ. Ẹnjiníà yọ rẹsísítọ̀ 22, ó fi 10 rọ́pò rẹ̀. Ìlọ́po di 11. Bọ́ọ̀dù náà di RevC, sọ́fíwià di v2.0.0.

Ká wá ní ẹni tuntun gbé v1.4.2 sórí RevC, torí òun ló bá nínú kọ̀ǹpútà ibi tí wọ́n ti ń to ẹ̀rọ. Bátìrì wà ní fólítì 13, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ ṣíìpù jẹ́ 1.18. Sọ́fíwià àtijọ́ sọ ọ́ di ìlọ́po 5.545, ó kà á sí 6.55. Lójú tirẹ̀, bátìrì ti kú tán. Ó já iná gílóòbù gbogbo ilé, ó sì ń rọ iná oòrùn sínú bátìrì láìdúró, torí ó ń retí kí bátìrì dé 14.4 kó tó dá a dúró. Nígbà tí bátìrì bá dé 14.4 lóòótọ́, 7.26 ni yóò kà. Omi inú bátìrì á máa hó, ara rẹ̀ á gbóná, oníbàárà á sì máa bínú sí bátìrì tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ó rọrùn láti mọ̀ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi mítà wọn ẹnu bátìrì, kí ẹ sì wo ohun tí ojú CC20 kọ. Bí ti ojú ẹ̀rọ bá jẹ́ nǹkan bí ìdajì ti mítà, sọ́fíwià RevB ló wà lórí RevC. Bó bá jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po méjì, òdìkejì rẹ̀ ni. Gbólóhùn kékeré yìí yẹ kó wà lábẹ́ àtẹ yẹn nínú ìwé náà, torí ó lè gba ẹni tuntun lọ́wọ́ ọ̀sẹ̀ kan tí ì bá fi máa tú bọ́ọ̀dù wò.

Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí bọ́ọ̀dù yẹn máa jẹ́ 001 lọ. Òfin tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé bí ohun tuntun bá lè rọ́pò ti àtijọ́ níbi gbogbo láìsí wàhálà, lẹ́tà nìkan ni kó yí. Bí kò bá lè rọ́pò rẹ̀, nọ́ńbà tuntun ló tọ́ sí i. RevC kò lè rọ́pò RevB bí sọ́fíwià kò bá yí. `CC20-PCB-002` ni ì bá jẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń lọ kò gbọ́dọ̀ lọ tún orúkọ pè ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí iṣẹ́ rẹ̀ lè dára lójú. Orúkọ yẹn ti wà lára bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti tà. Kó kọ ọ́ síbẹ̀ bó ṣe rí, kó sọ pé ìpinnu náà kò dára tó, kó sì sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é.

Ohun kan ló kù tí orúkọ kò lè ṣe: kò lè fi hàn pé kò sẹ́ni tó ti pààrọ̀ inú fáìlì. Ẹnikẹ́ni lè pe v1.4.2 ní v2.1.0. Nítorí náà, kí ìwé náà ní àmì SHA-256 fáìlì kọ̀ọ̀kan tó wà ní `20_release`. Lórí Linux:

```
sha256sum CC20-FW_v2.1.0.hex
```

Lórí Windows, `certutil -hashfile` ló ń ṣe é, tí èèyàn bá fi orúkọ fáìlì àti SHA256 tẹ̀lé e. Ohun tó máa jáde jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Bí wọ́n bá yí orúkọ fáìlì padà, àmì náà kò ní yí. Bí ohun tó kéré jù bá yí nínú rẹ̀, àmì náà á yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó wà ní ibi ìtoẹ̀rọ lè fi wé ti inú ìwé kó tó gbé e sórí ẹ̀rọ kankan.

Kò sì yẹ kí ẹni tó kọ ìwé náà jẹ́ ẹni tó máa sọ pé ó pé. Kí ó tó lọ, kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà mìíràn fún ẹni tuntun, pẹ̀lú ìwé náà àti fódà CC20 nìkan, kó fi wọ́n to ẹ̀rọ RevC kan, kó gbé sọ́fíwià sí i, kó sì fi mítà wọn bátìrì. Ẹni tó ń lọ á jókòó sí tòsí, ṣùgbọ́n kò ní fẹnu dáhùn ìbéèrè kankan. Ìbéèrè tí ẹni tuntun bá bi í, inú ìwé ni yóò kọ ìdáhùn rẹ̀ sí, ẹni tuntun á sì kà á níbẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú.