Irun Tó Pamọ́ Lẹ́yìn Asẹ́

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, dókítà kan ní apá àríwá ìpínlẹ̀ Kalifóníà, ní Amẹ́ríkà, ṣàkíyèsí aláìsàn mẹ́rin tí eéwo ń yọ sí lẹ́sẹ̀. Eéwo náà kọ̀, kò san, àyẹ̀wò tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe kò sì fi kòkòrò kankan hàn. Ohun kan ṣoṣo ló pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: ṣọ́ọ̀bù èékánná kan náà, ní ìlú Watsonville, ni gbogbo wọn ti lọ ṣe ẹsẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi máa wádìí ọ̀rọ̀ náà tán, oníbàárà 110 ni wọ́n rí tí eéwo yìí ti mú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ju ẹyọ kan lọ. Ẹnì kan wà láàárín wọn tó ní 37.

Bẹ́síìnì ẹsẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, irú èyí tí ẹ̀rọ ń da omi inú rẹ̀ yí po kí ara lè tu oníbàárà. Omi a máa gba ihò kan kọjá lọ sínú ẹ̀rọ, asẹ́ kékeré kan ló sì bo ẹnu ihò náà. Nígbà tí àwọn olùwádìí ṣí asẹ́, irun àti èépá awọ ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà àtijọ́ ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n yẹ bẹ́síìnì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wò, kò sí ọ̀kan tí wọn kò ti bá kòkòrò tó ń fa eéwo náà. Maikobakitéríà ni wọ́n ń pè é, ìbátan èyí tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Inú omi àti ilẹ̀ lásán ló máa ń gbé, kì í sì í yọ ẹni tí awọ ara rẹ̀ pé lẹ́nu. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àwọn tí eéwo mú ni wọ́n ti fi réṣà fá irun ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó wá. Abẹ a máa ṣí ojú ọgbẹ́ tíntìntín tí ojú kò lè rí, ibẹ̀ ni kòkòrò gbà wọlé.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ki ọwọ́ bọ inú dúrọ́ọ̀mù omi tó ti pẹ́ nílẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn asẹ́ yẹn. Ara dúrọ́ọ̀mù a máa yọ̀ bọ̀rọ́. Omi lè mọ́ gaara lójú, síbẹ̀ ohun tó ń yọ̀ yẹn wà lára ògiri rẹ̀, àwọn kòkòrò ló sì fi ṣe ilé. Bí èèyàn bá da omi nù tó sì da tuntun sí i, ilé wọn ò tíì wó. Àfi kó fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì bó o kúrò. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Watsonville, àwọn olùwádìí lọ yẹ bẹ́síìnì 30 wò ní ṣọ́ọ̀bù 18 káàkiri Kalifóníà, wọ́n bá irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú 29. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọ̀lẹ onísọ́ọ̀bù kan. Bí wọ́n ṣe ń fọ bẹ́síìnì níbi gbogbo ni kò dé ibi tí ìdọ̀tí wà.

Ìjọba Kalifóníà ṣe òfin lórí bẹ́síìnì ẹsẹ̀ lẹ́yìn náà, ìtò inú òfin yẹn sì wúlò fún ẹni tó ń ṣe ẹsẹ̀ ní Ṣúrùlérè tàbí ní Bódìjà. Lẹ́yìn oníbàárà kọ̀ọ̀kan, wọn a da omi nù, wọn a fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ bẹ́síìnì, wọn a ṣan án, kí wọ́n tó wá da oògùn apakòkòrò sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Nírọ̀lẹ́, wọn a tú asẹ́, wọn a fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fọ bẹ́síìnì, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́, àkókò àti àmì orúkọ ẹni tó fọ̀ ọ́ sínú ìwé, oníbàárà tó bá sì béèrè lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé náà.

Ọṣẹ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Blíìsì tí wọ́n bá dà lé òróró àti èépá awọ yóò lo agbára rẹ̀ tán lórí ìdọ̀tí, kò ní kù fún kòkòrò. Blíìsì tó wọ́pọ̀ ní ọjà wa sábà máa ń ní agbára ìdá mẹ́ta ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ife rẹ̀ kan sínú ife omi mẹ́fà yóò fúnni ní èyí tó lágbára tó fún bẹ́síìnì. Òórọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lò ó ni kí wọ́n pò ó, nítorí èyí tó sùn mọ́jú kò lágbára mọ́. Kò sì gbọ́dọ̀ pàdé oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí èéfín tó ń jáde lára méjèèjì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Oníṣẹ́ tí kò lówó bẹ́síìnì oníná kò sì pàdánù nǹkan kan níhìn-ín: bẹ́síìnì rọ́bà lásán, tí kò ní ẹ̀rọ tí kò ní asẹ́, rọrùn láti fọ mọ́ ju ti olówó ńlá lọ.

Ọ̀rọ̀ irin iṣẹ́ yàtọ̀ sí ti bẹ́síìnì, nítorí ẹ̀jẹ̀ wọ ọ́. Ohun tí wọ́n fi ń gé awọ ìdí èékánná lè fa ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, oníbàárà lè má tilẹ̀ mọ̀. Kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú ti B lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 sì rí i pé èèyàn bíi mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in lára. Nínú èèyàn méjìlá tó jókòó sórí àga ní ọjọ́ Sátidé, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ní in láìmọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù fi ń fọkàn oníbàárà balẹ̀ ni àpótí kékeré tó ń tan iná aláwọ̀ àlùkò. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ibi tí iná bá tàn dé nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ibi tí apá méjèèjì irin ti so pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ máa ń há sí, òkùnkùn ló wà. Àpótí náà dára fún pípa irin tó ti mọ́ mọ́, kò lè sọ èyí tó dọ̀tí di mímọ́. Ẹ̀rọ tó lè ṣe é ni ọ́tókíléèfù, tó ń ṣiṣẹ́ bí ìkòkò oníbíntín tó ń fi ooru omi há èémí. Wọn a fọ irin, wọn a gbẹ ẹ́, wọn a fi sínú àpò bébà tí wọ́n lẹ̀ pa, wọn a wá fún un ní ooru 121 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí iná mànàmáná bá lọ ní ìṣẹ́jú kejìdínlọ́gbọ̀n, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Kò sí àpòpọ̀ ìṣẹ́jú níbẹ̀, ẹni tí kò ní jẹnẹrétọ̀ á fi èyí sọ́kàn.

Àmì kan wà lára àpò náà tó máa ń pa àwọ̀ dà bí ooru bá dé ibẹ̀. Ohun tí àmì yẹn ń sọ ni pé ooru kàn án, kò sọ pé gbogbo kòkòrò ti kú. Síbẹ̀, kò sí ohun tó fini lọ́kàn balẹ̀ tó o. Oníṣẹ́ mú àpò jáde, ó fi àwọ̀ tó yí padà han oníbàárà, ó já a lójú rẹ̀, irin sì dún bọ́ sórí tówẹ̀lì funfun. Fáìlì tirẹ̀, igi tàbí bébà ni, kò ṣeé sè, kò ṣeé fọ mọ́. Ẹnì kan ni fáìlì kan. Kí wọ́n gbé e fún un lọ sílé, tàbí kí wọ́n sọ ọ́ nù níṣojú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ẹjọ́ nìyí. Ká ní obìnrin kan ṣe ọwọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀, tí àtàǹpàkò rẹ̀ wú lọ́jọ́ kẹta, tí dókítà là á, tó wá béèrè owó ìtọ́jú. Bí ó bá gbé e dé kóòtù, ohun mẹ́ta ló ní láti fi hàn: pé ó tọ́ kí onísọ́ọ̀bù ṣọ́ra fún un, pé onísọ́ọ̀bù kò ṣọ́ra tó, àti pé àìṣọ́ra yẹn ló fa ìpalára. Àkọ́kọ́ kò ṣòro. Orí ìkejì ni ìjà máa ń wà. “À ń fọ nǹkan wa dáadáa” kò tó níbẹ̀, ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ṣùgbọ́n ká ní ìwé ńlá kan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ní ojú ewé ọjọ́ Jímọ̀, orúkọ obìnrin náà wà, aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n lẹ ẹ̀gbẹ́ àpò irin tí wọ́n lò fún un mọ́ ojú ewé, àmì rẹ̀ ti pa àwọ̀ dà, ọjọ́ tí wọ́n sè é wà lára rẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé oníbàárà sọ pé òun ti fi eyín já awọ àtàǹpàkò òun ní ọjọ́rú, pé ojú ibẹ̀ ti pupa, pé oníṣẹ́ kò fi irin kan ìka yẹn, pé oníbàárà fọwọ́ sí i. Ìwé yìí kò ní kí ẹjọ́ parí, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n ṣe àti ohun tí wọn kò ṣe kí ẹnikẹ́ni tó bínú.

Ọ̀pọ̀ onísọ́ọ̀bù gbà pé bébà tí oníbàárà fọwọ́ sí, pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀ kò kan àwọn, ti tó. Kò tó. Òfin Ìdíje àti Ìdáàbòbò Oníbàárà ti Nàìjíríà fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ tó kójú òṣùwọ̀n, kò sì fàyè gba àdéhùn tó fẹ́ yọ oníṣẹ́ kúrò nínú ọ̀ràn àìkasí tó burú jáì.

Ìwé irọ́ sì burú ju àìní ìwé lọ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè mọ̀ ọ́n kíákíá: bírò kan náà láti Ọjọ́ Ajé dé Sátidé, àkókò tó ń parí sí òdo ní gbogbo ìgbà, tàbí bẹ́síìnì tí wọ́n kọ pé ó wà nínú oògùn láti aago méjì dé aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tí fọ́tò tí oníbàárà yà lórí fóònù fi hàn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Nítorí náà ni àwọn tó gbọ́n nínú wọn ṣe máa ń so ìwé kékeré àti bírò rọ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́síìnì gan-an, tí ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ìbọ̀wọ́ fi lè kọ ọ́ kí oníbàárà kejì tó jókòó.